Ojú kan tó fẹsẹ̀ méjì dúró

Lọ́ńdọ̀nù

Màmá Àgbà mi ọ̀wọ́n,

Ẹ kú ilé o, ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. Orúnkún yín ńkọ́? Àlàáfíà ni mo wà, ẹ má ṣèyọnu.

Mo ti ra wúùlù, mo fẹ́ hun fìlà fún ọmọ tí Ṣadé fẹ́ bí. Ó ti pẹ́ gan-an tí mo fọwọ́ kan abẹ́rẹ́ gbẹ̀yìn. Ojú ìhun 60 ni mo dá sórí abẹ́rẹ́, ṣùgbọ́n nígbà tí mo kà á lálẹ́ àná, ó ti di 63. Ọ̀sán ọjọ́ òjò yẹn ní Òkè Àró ló sọ sí mi lọ́kàn.

Ẹ rántí? Òjò ń lu páànù débi pé a ní láti máa pariwo ká tó gbọ́ ara wa. Ẹ gbé wáyà kẹ̀kẹ́ méjì jáde, èyí tí ẹ ti fi orí rẹ̀ lọ òkúta títí tí kò fi lè gún èèyàn mọ́, ẹ sì dá ojú 20 sórí ọ̀kan fún mi. Ẹ ní, “Ki abẹ́rẹ́ ọ̀tún bọ ojú yìí láti iwájú lọ sẹ́yìn. Lọ́ òwú mọ́ ọn. Fà á gba inú ojú náà jáde. Jẹ́ kí ti àtijọ́ wá bọ́ sílẹ̀.” Mo ń ṣe é, inú mi ń dùn. Àṣé bí mo ṣe ń hun ún ló ń fẹ̀ sí i bí etí yẹ̀rì. Nígbà tí mo parí ìlà karùn-ún, ẹ fi èékánná kà á: 24.

Ẹ kò bá mi wí. Ẹ ní kí n bẹ̀rẹ̀ ìlà mìíràn díẹ̀díẹ̀ lójú yín. Mo yí i padà, mo ju òwú gba orí abẹ́rẹ́ lọ sẹ́yìn, ẹ sì di ọwọ́ mi mú. “Wò ó. Òwú yẹn ti fa ojú àkọ́kọ́ sókè. Ojú kan ni, àmọ́ ó fẹsẹ̀ méjì dúró, ìwọ sì ń hun ẹsẹ̀ kọ̀ọ̀kan bí ojú tirẹ̀.” Ẹ fa òwú náà wálẹ̀ síwájú, méjèèjì sì di ẹyọ kan ṣoṣo. “Abẹ́ abẹ́rẹ́ ni kó gbà lọ sẹ́yìn, kì í ṣe orí.”

Ẹ̀yin náà lẹ tú gbogbo rẹ̀, torí àwọn ojú àfikún ti wọ inú ìhun. Mo sunkún lọ́jọ́ náà, Màmá. Ẹ tún dá 20 fún mi, ẹ sì ní kí n máa kà á ní òpin ìlà kọ̀ọ̀kan. Kí ilẹ̀ tó ṣú, mo hun ìlà 12, ojú 20 ni gbogbo rẹ̀.

Èmi náà tú fìlà yẹn lálẹ́ àná, mo sì ti tún un bẹ̀rẹ̀. Bí Ṣadé bá ti bímọ, ẹ jọ̀wọ́, ẹ fi òwú wọn yípo orí ọmọ náà, kí wọ́n sọ iye ìǹṣì rẹ̀ fún mi lórí fóònù. Ṣé wáyà kẹ̀kẹ́ méjì yẹn ṣì wà nínú àpótí yín?

Ọmọ-ọmọ yín,
Àbẹ̀kẹ́