Lẹ́tà sí Àwọn Òbí àti Alágbàtọ́: Ìlànà Iṣẹ́ Sífíìkì fún Sáà Kejì

Ẹ̀yin òbí àti alágbàtọ́ wa,

Ẹ kú ìtọ́jú àwọn ọmọ. Ọ̀rọ̀ owó ilé-ìwé àti ti aṣọ ti wà nínú ìwé tí a fi rán wọn sí yín lọ́jọ́ ìwọlé, n kò ní tún un sọ. Ìlànà iṣẹ́ Sífíìkì ti kíláàsì àkọ́kọ́ ní sẹ́kọ́ńdìrì àgbà ni mo fẹ́ bá yín sọ, nítorí a ti tú u palẹ̀, a sì tún un kọ.

Ìdánwò sáà tó kọjá ló fà á. Ìbéèrè kan ní kí wọ́n dárúkọ ẹ̀tọ́ ọmọnìyàn márùn-ún, gbogbo wọn fẹ́rẹ̀ẹ́ gbà á tán. Ìbéèrè tó tẹ̀ lé e sọ ìtàn ọkùnrin kan tí ọlọ́pàá mú, ó ní kí wọ́n sọ èyí tí wọ́n fi dù ú nínú ẹ̀tọ́ rẹ̀. Ohun tí ọ̀pọ̀ ọmọ ṣe ni pé wọ́n tún ẹ̀tọ́ márùn-ún àkọ́kọ́ yẹn kọ. Èmi àti tíṣà ṣí ìlànà iṣẹ́ àtijọ́ wò. Níwájú ọ̀sẹ̀ kẹrin, orí ọ̀rọ̀ ni "Ẹ̀tọ́ Ọmọnìyàn", èròǹgbà sì ni "kí akẹ́kọ̀ọ́ ní òye nípa ẹ̀tọ́ ọmọnìyàn". Tíṣà wò mí, mo wò ó. Ta ló rí òye rí tó lè fún un ní máàkì? Nígbà tí kò sí ohun tí a lè dì mú nínú èròǹgbà náà, ohun tó rọrùn jù, ìyẹn àkọsórí, ni a fi kọ́ wọn, òun náà ni wọ́n sì dá padà fún wa.

Ní báyìí, ohun tí ojú lè rí kí ọmọ ṣe ni èròǹgbà ọ̀sẹ̀ kọ̀ọ̀kan gbọ́dọ̀ fi bẹ̀rẹ̀: tọ́ka sí, ṣírò, pín, fi wé, ṣàlàyé ìdí. Ọjọ́ tí tíṣà bá kọ èròǹgbà ni yóò kọ ìbéèrè ìdánwò tó bá a mu, kó tó wọ kíláàsì rárá. Bí kò bá rí ìbéèrè kọ, èròǹgbà náà kò tíì dára nìyẹn.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́tàlá ni sáà yìí. Lẹ́yìn àtúnyẹ̀wò ọ̀sẹ̀ kìíní, ọ̀sẹ̀ kejì yóò wo ẹni tí òfin kà sí ọmọ Nàìjíríà, ìyẹn abala 25 sí 27 nínú ìwé òfin ọdún 1999. A ó fún wọn ní ìtàn èèyàn mẹ́ta, wọn ó pín wọn: ta ni ọmọ ìlú nípa ìbí, ta ló di ọmọ ìlú nípa ìforúkọsílẹ̀, ta ni àjèjì tí ìjọba sọ di ọmọ ìlú. Ní ọ̀sẹ̀ kẹta, wọn ó ṣí orí kẹrin ìwé òfin náà, abala 33 sí 46, wọn ó máa fi ọwọ́ ara wọn wá ẹ̀tọ́ tí a bá dárúkọ. Ẹ̀dà mẹ́fà péré la ní. Ẹni tó bá ní tirẹ̀ nílé, ẹ jọ̀wọ́ ẹ yá wa lò títí di ọ̀sẹ̀ kẹfà.

Ọ̀sẹ̀ kẹrin àti ìkarùn-ún ni ọkàn iṣẹ́ náà. Abala kan ṣoṣo, abala 35, ẹ̀tọ́ òmìnira ara ẹni, la ó fi ọ̀sẹ̀ méjèèjì ṣe. Èròǹgbà ni pé kí ọmọ lè ṣírò bóyá àkókò tí òfin fún ọlọ́pàá ti kọjá, kó sì sọ ẹsẹ tó gbé ìdáhùn rẹ̀ ró. Àpẹẹrẹ tí a ó lò nìyí. Wọ́n mú ọkùnrin kan ní aago mẹ́wàá àárọ̀ ọjọ́ Ajé, wọ́n ní ó jí fóònù. Ilé ẹjọ́ tó lágbára láti gbọ́ irú ẹjọ́ bẹ́ẹ̀ kò ju kìlómítà 12 sí ibi tí wọ́n ti mú un. Kò sẹ́ni tó fún un ní ìwé kankan. Ọjọ́bọ̀ ni wọ́n gbé e dé kọ́ọ̀tù.

Ọmọ yóò kọ́kọ́ wo ẹsẹ 3: láàárín wákàtí 24, ó yẹ kí wọ́n ti fi ìwé sọ ìdí tí wọ́n fi mú ọkùnrin náà fún un, ní èdè tó gbọ́. Aago mẹ́wàá àárọ̀ ọjọ́ Ìṣẹ́gun ni wákàtí náà pé. Lẹ́yìn náà ni yóò wo ẹsẹ 4 àti 5. Bí irú kọ́ọ̀tù bẹ́ẹ̀ bá wà láàárín kìlómítà 40, ọjọ́ kan ni òfin fún wọn láti gbé e débẹ̀. Wọ́n ti kọjá ààlà lẹ́ẹ̀mejì.

Ibẹ̀ kọ́ ni iṣẹ́ parí sí. Tíṣà yóò sọ kọ́ọ̀tù náà di ti kìlómítà 65. Ó di ọjọ́ méjì, tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ bí ilé ẹjọ́ bá rí i pé ó tọ́, nítorí náà ọmọ kò gbọdọ̀ sáré dá ọlọ́pàá lẹ́bi nítorí Ọjọ́bọ̀ nìkan. Lẹ́yìn ìyẹn, yóò yí ẹ̀sùn padà sí ìpànìyàn. Ẹsẹ 7 ní ẹni tí wọ́n bá fura sí gidi pé ó dá ẹ̀ṣẹ̀ tí ìjìyà rẹ̀ jẹ́ ikú kò sí lábẹ́ ẹsẹ 4, ọ̀rọ̀ ọjọ́ kan tàbí méjì kò sì kàn án mọ́. Àmọ́ ìwé wákàtí 24 ṣì wà níbẹ̀. Ibí yìí ni ẹsẹ̀ ti máa ń yọ̀: wọ́n á rò pé gbogbo abala náà ló ti dànù.

Òbí kan pè mí pé, "Ọ̀gá, ṣé kí ọmọ mi lọ máa bá ọlọ́pàá jiyàn lójú pópó lẹ fẹ́ ni?" Ẹ̀rù rẹ̀ yé mi. Kò sí "jiyàn" nínú èròǹgbà wa. Ohun tí ẹsẹ 2 fún èèyàn ni pé ó lè dákẹ́, títí yóò fi bá lọ́yà tàbí ẹlòmíì tó bá wù ú sọ̀rọ̀. Gbólóhùn kan la ó kọ́ wọn láti sọ lóhùn pẹ̀lẹ́: "Ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ jẹ́ kí n bá àwọn òbí mi sọ̀rọ̀ kí n tó dáhùn." Ọ̀sẹ̀ kẹfà yóò sì wo ohun tó lè dín ẹ̀tọ́ kù, abala 45, àti Ilé Ẹjọ́ Gíga tí ẹni tí wọ́n rẹ́ jẹ lè gbà lọ, abala 46. Ojú pópó kọ́ ni wọ́n ti ń gba ẹ̀tọ́ padà.

Ìdánwò kékeré àti ìsinmi ààrin sáà ló wà ní ọ̀sẹ̀ keje. Ọ̀sẹ̀ kẹjọ jẹ́ ti ojúṣe ọmọ ìlú, abala 24, níbi tí òfin ti ní kí a ran àwọn agbófinró lọ́wọ́, kí a sì san owó orí lásìkò. Ìtàn fóònù tí wọ́n jí yẹn náà la ó tún lò: kí ni ojúṣe aládùúgbò tó rí olè náà? Ọ̀sẹ̀ kẹsàn-án ni ẹ̀ka ìjọba mẹ́ta, ìkẹwàá ni ìdìbò, ìkọkànlá ni àtúnyẹ̀wò, ìdánwò sì gba méjì tó kù. Bí ọlidé bá jẹ ọ̀sẹ̀ kan lára wa, ìkẹsàn-án àti ìkẹwàá la ó pa pọ̀, torí wọ́n ti ṣe díẹ̀ níbẹ̀ ní sẹ́kọ́ńdìrì kékeré. A ò ní fọwọ́ kan ìkẹrin àti ìkarùn-ún.

Lálẹ́ ọjọ́ Ẹtì, ẹ gba ìwé Sífíìkì lọ́wọ́ ọmọ yín. Déètì, orí ọ̀rọ̀ àti èròǹgbà gbọ́dọ̀ wà lókè. Ẹ má bi í pé kí ló kọ́, ohun tí èròǹgbà sọ gan-an ni kí ẹ ní kó ṣe. Bí èròǹgbà bá ní "ṣírò" tó sì jẹ́ ìtumọ̀ ọ̀rọ̀ nìkan ló wà nínú ìwé, tàbí tí iṣẹ́ bá ti fi ọ̀sẹ̀ méjì rẹ̀yìn, ẹ kọ ọ́ sí etí ojú ìwé náà, kí ẹ buwọ́ lù ú. Mo máa ń gba ìwé mẹ́wàá wò láràárọ̀ ọjọ́ Ajé, màá rí i.

Èmi ni tiyín,

Ọ̀gá Àgbà Ilé-Ìwé