Ohùn Bàbá àti ògiri tó ń dá a padà

Ìbàdàn,
Ọjọ́ Ajé

Àkànní ọ̀rẹ́ mi,

Ẹ kú òtútù o. Mo kí ìyàwó rẹ, mo kí àwọn ọmọ. Mo ti gbọ́ ìwàásù tí o fi ránṣẹ́ láti inú ṣọ́ọ̀ṣì olókùúta tí ẹ ń yá lò ní Lọ́ńdọ̀nù. Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo gbọ́ ọ, ó sì dà bí ẹni pé inú kànga ni pásítọ̀ yín ti ń sọ̀rọ̀. O ní máìkì àyà lo fi gbà á sínú fóònù, o wá ń béèrè bóyá kí o ra èyí tó wọ́n jù bẹ́ẹ̀ lọ. Má tíì náwó. Ohun tó ṣe yín ló ṣe àwa náà fún ọ̀pọ̀ oṣù, máìkì olówó pọ́ọ́kú yẹn náà la sì ń lò títí di òní.

O mọ gbọ̀ngàn wa. Ilẹ̀ rẹ̀ táìlì, ògiri rẹ̀ símẹ́ńtì, fèrèsé rẹ̀ gíláàsì. Kò sí ohun kan níbẹ̀ tó ń gbé ohùn mì. Láti ibi tí Bàbá ti ń wàásù sí ògiri ẹ̀yìn tó mítà 24. Ohùn a máa rin nǹkan bíi mítà 343 ní sẹ́kọ́ńdì kan, nítorí náà, ọ̀rọ̀ tó bá jáde lẹ́nu wọn yóò lọ lu ògiri, yóò sì padà dé láàárín bí ìdá keje sẹ́kọ́ńdì. Nígbà yẹn, ọ̀rọ̀ mìíràn ti jáde. Ní èdè tiwa, ibẹ̀ gan-an ni wàhálà wà: ohùn òkè tó ń padà bọ̀ a máa já lu ohùn ìsàlẹ̀ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń jáde. Àwọn ìyá àgbà tí kò lè wá sí ìsìn mọ́, tí à ń fi ìwàásù ránṣẹ́ sí, wá ń bi mí bóyá ọkọ̀ Nóà ni Bàbá ń sọ tàbí ọkọ́ àgbẹ̀. Ó dùn mí gidigidi, nítorí àwọn gan-an ni a tìtorí wọn ń gbà á.

Ohun àkọ́kọ́ tí mo ṣàwárí rèé: fóònù wa kò tilẹ̀ lo máìkì náà rárá. Kò sí ihò íyápíìsì lára rẹ̀, ádápítọ̀ la fi so ó, èyí tí a sì rà, ohùn tó ń jáde nìkan ló ń gbé, kò gbé èyí tó ń wọlé. Fóònù kò sọ nǹkan kan. Ó kàn lo máìkì tirẹ̀ láti orí tábìlì. Bí o ṣe máa mọ̀ ni pé kí o tẹ̀ ẹ́ kó máa gbohùn, kí o fi èékánná ha orí máìkì àyà, kí o sì wá ha ìdí fóònù. Tún un gbọ́. Èyí tó bá dún gbàràgàdà létí rẹ ni fóònù ń lò. Bó bá jẹ́ ihò ni fóònù tìrẹ ní, wo ẹnu wáyà máìkì náà: òrùka dúdú mẹ́ta ló gbọ́dọ̀ wà lára rẹ̀. Òrùka méjì, ti kámẹ́rà nìyẹn.

Nígbà tí a pààrọ̀ ádápítọ̀, ó sàn, ṣùgbọ́n kò tíì mọ́. Ọ̀rọ̀ wá kan bí máìkì ṣe jìnnà sí ẹnu. Irú máìkì yìí kì í yan ibi tó ti ń gbọ́ràn. Iwájú, ẹ̀yìn, ẹ̀gbẹ́, ọgbọọgba ni gbogbo rẹ̀ lójú rẹ̀. Ohùn tó ń ta láti ara ògiri sì kún inú gbọ̀ngàn bí omi ṣe ń kún agbada. Ibi yòówù kí o gbé máìkì sí, bákan náà ni yóò ṣe pọ̀ tó. Ohùn tó ti ẹnu èèyàn wá tààrà nìkan ló ń pọ̀ sí i bí o bá ṣe ń sún mọ́ ọn. Ibi ikùn Bàbá ni ẹni tó ń bá wa ṣe é ń fi máìkì há, kó má baà hàn nínú fọ́tò, bíi sẹ̀ǹtímítà 40 sí ẹnu wọn. Mo gbé e wá sí 20, ìyẹn ìbú àtẹ́lẹwọ́ kan lé díẹ̀ sísàlẹ̀ àgbọ̀n, ní àárín àyà gan-an. Ohùn Bàbá di ìlọ́po méjì, ti ògiri wà bó ṣe wà. Kò sí owó tí o lè ná tí yóò ṣe jù bẹ́ẹ̀ lọ. Má sì fi há ẹ̀gbẹ́ kan ọrùn ẹ̀wù, torí bí wọ́n bá kọjú sí ẹ̀gbẹ́ kejì, ohùn yóò lọ sílẹ̀.

Agbádá jẹ́ ìṣòro tirẹ̀. Aṣọ tí wọ́n fi sítáàṣì sí a máa ha máìkì bí ewé gbígbẹ. Bùbá inú la ń fi há báyìí, a sì ká wáyà lẹ́ẹ̀kan sábẹ́ rẹ̀, a fi sẹ́lótéèpù lẹ̀ ẹ́, kí fífà wáyà má baà dé orí máìkì.

Lẹ́yìn èyí ni mo wá rí i pé sípíkà tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹsẹ̀ Bàbá, tí wọ́n fi ń gbọ́ ara wọn, ń ju ohùn wọn padà sínú máìkì àyà. Mo bẹ̀ wọ́n, a pa á. Ọjọ́ ìsinmi àkọ́kọ́ kò rọrùn fún wọn. Ní ìkẹta wọn kò béèrè rẹ̀ mọ́. Àwọn sípíkà ti ara ògiri, a yí wọn kọjú sí ìjọ.

Èyí tó kù wà nínú fóònù. Bí Bàbá bá dákẹ́ lẹ́yìn «Àmín», ariwo fáànù àti ohùn tó ń padà a máa rú sókè bí ẹni pé wọ́n ń sún mọ́ wa. Fóònù ló ń fúnra rẹ̀ gbé ohùn sókè nígbà tí kò bá gbọ́ nǹkan tó. Wo inú áàpù tí o fi ń gbohùn, pa `Automatic gain control`, tàbí kí o yan `Unprocessed` bó bá wà níbẹ̀. Kì í ṣe gbogbo fóònù ló ń gbà á. Fi `WAV` pa á mọ́, kí ibi tó ga jù má kọjá -12 dB nígbà tí wọ́n bá ń sọ̀rọ̀ wọ́ọ́rọ́, torí ìwọ mọ bí wọ́n ṣe ń ké bí Ẹ̀mí bá bà lé wọn. Tan `Airplane mode`. Ìpè kan ti já ìwàásù wa sí méjì rí.

Má gbẹ́kẹ̀ lé títún un ṣe lórí kọ̀ǹpútà. Ariwo fáànù tàbí jẹnẹrétọ̀ tó ń dún bákan náà láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin ṣeé dín kù níbẹ̀. Ohùn tó ti ara ògiri padà, ohùn Bàbá fúnra wọn ni. Bí o bá ń yọ ọ́, wàá máa yọ ọ̀rọ̀ mọ́ ọn.

Tiyín lè le ju tiwa lọ nítorí òkúta àti àjà gíga yẹn. Lọ síbẹ̀ kí ìsìn tó bẹ̀rẹ̀, pàtẹ́wọ́ ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo níbi tí pásítọ̀ ti ń dúró, kí o kà títí yóò fi parẹ́ pátápátá. Lẹ́yìn náà sún kúrò níbẹ̀ ní ìṣísẹ̀ mẹ́ta-mẹ́rin, kí o tún pàtẹ́wọ́. Ibi tó bá ń ró padà kíákíá jù tàbí tó ń le létí, kí wọ́n má dúró síbẹ̀. Má jẹ́ kí ọkàn rẹ bàjẹ́ bí ó bá pẹ́ kó tó parẹ́. Nígbà tí àwọn èèyàn bá jókòó pẹ̀lú kóòtù òtútù wọn, aṣọ wọn á gbé púpọ̀ nínú rẹ̀ mì.

Mo fi ìwàásù méjì sínú ìfiránṣẹ́ yìí, ti ìgbà tí máìkì wà níbi ikùn àti ti ọ̀sẹ̀ tó kọjá. Fi íyápíìsì gbọ́ wọn. Kí o tó ṣe ohunkóhun mìíràn, ṣe ti èékánná yẹn lálẹ́ òní, kí o sì sọ ohun tí o gbọ́ fún mi.

Èmi ni ọ̀rẹ́ rẹ láti ilé.