Lẹ́tà sí Ẹni Tí Ọmọ Rẹ̀ Kú

Ìbàdàn

Àdùkẹ́ mi ọ̀wọ́n,

Mo ka ohun tí o kọ lálẹ́ àná nípa ọkùnrin tí ẹ jọ ń ṣiṣẹ́ ní Bìrìtìkó, tí ọmọ rẹ̀ ọdún 9 kú. Ó dùn mí wọra. O ní ọ̀gá yín ní kí o bá ilé-iṣẹ́ kọ lẹ́tà ìbánikẹ́dùn sí i, àti pé nítorí ó jẹ́ Yorùbá, o fẹ́ fi èdè wa kọ ọ́. Ó dáa bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n jọ̀wọ́, má tíì fi èyí tí o kọ yẹn ránṣẹ́.

O kọ "ẹ kú ìnáwó, Ọlọ́run á jẹ́ kí ẹ̀yìn rẹ̀ dára" síbẹ̀. Òkú àgbà la máa ń kí bẹ́ẹ̀, ẹni tó darúgbó, tó fi ọmọ sáyé lọ, tí wọn yóò pa màlúù sí òkú rẹ̀, tí wọn yóò wọ aṣọ ẹbí. Ọmọ kékeré kò ní ìnáwó. Ọ̀fọ̀ ló ṣẹ bàbá rẹ̀.

Èmi náà ṣe irú àṣìṣe yìí rí. Nígbà tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ọ́fíìsì tó ń bójú tó òṣìṣẹ́, àbúrò ẹnì kan lára àwọn tó ń ṣiṣẹ́ nídìí ẹ̀rọ kú, ẹni ọdún 27. Lẹ́tà tí a kọ sí ẹlòmíràn nígbà tí bàbá rẹ̀ kú ni mo ṣí lórí kọ̀ǹpútà, mo pààrọ̀ orúkọ, mo tẹ̀ ẹ́ jáde. Mi ò rí i pé "a dúpẹ́ pé wọ́n gbó, wọ́n tọ́" ṣì wà ní ìlà kẹta. Ọkùnrin náà gbé lẹ́tà yẹn padà sórí tábìlì mi, kò sọ nǹkan kan, ó jáde. Láti ọjọ́ náà, lórí ìwé òfìfo ni mo ti máa ń bẹ̀rẹ̀.

Má kọ "omi ló dànù, agbè ò fọ́" náà o. Àwọn ìyá àgbà lè fi tu ẹni tí ọmọ ọwọ́ kú mọ́ lọ́wọ́ nínú, ṣùgbọ́n ọmọ tó ti ń lọ sílé ìwé, tó lórúkọ tí gbogbo àdúgbò fi ń pè é, kì í ṣe omi tó dànù lójú bàbá rẹ̀. Kọ orúkọ ọmọ náà gan-an, kí o sì wádìí bí wọ́n ṣe ń kọ ọ́.

Ohun kejì ni ìsinmi. Ẹni tó ń ṣọ̀fọ̀ kò yẹ kó máa pe ọ́fíìsì láti béèrè ìgbà tí òun yóò padà. Níhìn-ín, òfin iṣẹ́ kò ya ìsinmi ọ̀fọ̀ sọ́tọ̀, ohun tí ilé-iṣẹ́ bá fọwọ́ sí ni. Lọ́dọ̀ yín, láti oṣù kẹrin ọdún 2020, òbí tí ọmọ rẹ̀ tí kò tíì pé ọdún 18 bá kú ní ẹ̀tọ́ sí ọ̀sẹ̀ 2. Ó lè lò ó pa pọ̀, ó sì lè pín in sí méjì láàárín ọ̀sẹ̀ 56. Tí ilé-iṣẹ́ yín bá fẹ́ ṣe jù bẹ́ẹ̀ lọ, ẹ kọ iye ọjọ́ náà síbẹ̀ kedere.

Bí èmi ì bá ṣe kọ ọ́ nìyí. Fi orúkọ ọmọ náà sí ibi tí mo ti kọ "ọmọ yín":

"Ẹ kú ọ̀fọ̀, ẹ kú àmúmọ́ra. Ikú ọmọ yín bà wá nínú jẹ́ gidigidi. Ọlọ́run yóò tu ẹ̀yin àti ìyá rẹ̀ nínú. Ẹ má ronú iṣẹ́ rárá. Ọ̀sẹ̀ 2 àkọ́kọ́ jẹ́ tiyín, owó oṣù yín kò ní dín. Ẹni tí ẹ jọ ń ṣiṣẹ́ ti gba iṣẹ́ yín ṣe. Èmi nìkan ni n ó máa pè yín, ẹ̀ẹ̀kan lọ́sẹ̀, tí kò bá sì wù yín láti gbé fóònù, kò sí wàhálà."

Ó tó bẹ́ẹ̀. Má fi fọ́ọ̀mù kankan mọ́ ọn. Má sì gbé e sórí Wásáàpù àwọn òṣìṣẹ́ kí o tó mọ̀ dájú pé wọ́n ti túfọ̀ fún àwọn àgbà wọn nílé. Ìyá rẹ̀ àgbà lè má tíì gbọ́. Lẹ́yìn náà, ìwọ fúnra rẹ wo àkọsílẹ̀ yín. Níbi tiwa, orúkọ ọmọ máa ń wà nínú ètò ìlera òṣìṣẹ́ àti nínú ẹ̀bùn Kérésìmesì. Tí ẹ kò bá yọ ọ́, ìwé kan yóò já lu bàbá náà ní oṣù Kejìlá pé kó wá gba ẹ̀bùn ọmọ rẹ̀.

Fi èyí tí o bá tún kọ ránṣẹ́ sí mi kí ilẹ̀ tó ṣú, n ó kà á lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀.

Èmi ni, ọ̀rẹ́ rẹ,
Àbẹ̀kẹ́