Lẹ́tà sí Àkànní: àtẹ́wọ́ ìbẹ̀rẹ̀ àti àtẹ́wọ́ ìparí

Àkànní ọ̀rẹ́ mi,

Ẹ kú òtútù Lọ́ńdọ̀nù o, ìwọ àti gbogbo ilé. Mo ti wo fídíò àdúrà Màmá tí o fi ránṣẹ́, ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo wò ó. Rẹ́kọ́dà kékeré tí o gbé sí itan wọn ṣiṣẹ́ gidi, ohùn wọn mọ́ gaara débi pé mo ń gbọ́ bí wọ́n ṣe ń mí. Ohun tó ń dà ọ́ láàmú náà, mo rí i. Ní ìbẹ̀rẹ̀, ẹnu àti ohùn ṣe déédéé. Nígbà tí wọ́n fi máa dé orí orúkọ àwọn ọmọ-ọmọ, ohùn ti ń ṣáájú ẹnu. Wo ibi tí wọ́n ti ní "gbogbo ọmọ mi". Kò sẹ́ni tó lè pe "gb" tàbí "m" láì pa ètè dé, àmọ́ o máa gbọ́ "gb" yẹn kí ètè Màmá tó pàdé. Ibẹ̀ ni kí o máa wò nígbàkígbà tí o bá ń yẹ irú iṣẹ́ yìí wò: "b", "p", "m" àti "gb". Wọn kì í purọ́.

Ohun kan náà ṣe mí nígbà tí mo lọ gba ohùn àgbà onílù kan sílẹ̀ ní Ọ̀yọ́. Bàbá ń ṣàlàyé ìyá ìlù, wọ́n ń lù ú, wọ́n ń túmọ̀ rẹ̀. Agbo ilé kún, kò sí àyè, ni mo bá gbé kámẹ́rà sẹ́yìn tó bíi mítà mẹ́wàá, mo sì fi rẹ́kọ́dà sẹ́bàá ẹsẹ̀ wọn. Kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀, mo dúró ti ìlù, mo yí ẹ̀gbẹ́ sí kámẹ́rà kí àlàfo àárín ọwọ́ mi lè hàn, mo ní kí gbogbo ilé dákẹ́, mo sì pàtẹ́wọ́ ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo. Má pa á lẹ́ẹ̀mejì o. Tí o bá padà dé ìdí kọ̀ǹpútà, o ò ní mọ èwo ni èwo.

Nígbà tí mo ṣí i nínú DaVinci Resolve, àpù tí mo fi ń to fídíò, ọ̀nà tó yá ni mo kọ́kọ́ gbà: mo tẹ "Auto Sync Audio", mo yan "Based on Waveform". Ohun tó ń ṣe níbẹ̀ ni pé ó ń fi ìgbì ohùn tí máìkì kámẹ́rà gbà wé ti rẹ́kọ́dà, ó ń wá ibi tí òkè àti ọ̀gbun àwọn méjèèjì ti bára mu. Ó rí i lóòótọ́. Mo jẹ́ kí ohùn méjèèjì dún pọ̀, mi ò gbọ́ gbohùngbohùn kankan. Síbẹ̀, nígbà tí mo wo ọwọ́ Bàbá, ọ̀pá ìlù ti kan awọ kí n tó gbọ́ ọ. Ó pẹ́ kí n tó mọ ohun tó fà á. Ohùn ń rin nǹkan bíi mítà 343 ní ìṣẹ́jú àáyá kan, àmọ́ lójú wa, ìmọ́lẹ̀ kì í pẹ́ rárá. Kí ohùn ìlù tó rin mítà mẹ́wàá dé etí kámẹ́rà, ó ti pẹ́ tó nǹkan bí ìdá mẹ́ta nínú ọgọ́rùn-ún ìṣẹ́jú àáyá. Etí kámẹ́rà ni kọ̀ǹpútà sì fi ṣe òdiwọ̀n, kò fi ojú rẹ̀ ṣe é.

Ìdí nìyẹn tí mo ṣe fẹ́ràn àtẹ́wọ́. Nínú ìgbì ohùn rẹ́kọ́dà, ó yọ gogoro bí ẹ̀gún lórí ilẹ̀ títẹ́jú. Ní ti fídíò, kámẹ́rà mi ń ya àwòrán 25 ní ìṣẹ́jú àáyá kan, mo sì ń sún un síwájú lọ́kọ̀ọ̀kan. Nínú àwòrán kan, àlàfo ṣì wà láàárín ọwọ́ mi. Nínú èyí tó tẹ̀ lé e, ọwọ́ ti pàdé. Mo fa ẹ̀gún yẹn wá sí ìbẹ̀rẹ̀ àwòrán yìí, ọ̀pá àti ìlù sì bára mu. Nínú yàrá tìrẹ, fóònù tí o fi ya fídíò kò jìnnà sí Màmá, nítorí náà ìgbì ohùn nìkan tó fún ìbẹ̀rẹ̀.

Ti ìparí ló le. Mo ti pàtẹ́wọ́ mìíràn nígbà tí Bàbá parí, àtẹ́wọ́ yẹn ló sì tú àṣírí. Lọ́dọ̀ rẹ́kọ́dà, ìṣẹ́jú 52 géérégé ló wà láàárín àtẹ́wọ́ méjèèjì. Lọ́dọ̀ kámẹ́rà, ó fi àwòrán mẹ́fà lé sí i. Kálukú wọn ló ní aago kékeré tirẹ̀ nínú, kò sì sí méjì tó ń yára bákan náà. Bí ohùn ṣe kúrú ju àwòrán lọ díẹ̀ nìyẹn, tó sì ń ṣáájú lọ díẹ̀díẹ̀.

Èèyàn lè na ohùn náà. Ìṣirò tèmi jẹ́ kí n fi ìyára rẹ̀ sí 99.9923 nínú ọgọ́rùn-ún, àmọ́ 99.99 ni àpù mi gbà. Tí mo bá tẹ ìyẹn, ohùn á wá pẹ́ tó nǹkan bí àwòrán méjì ní ìparí. Mo fi í sílẹ̀. Àwòrán mẹ́fà láàárín ìṣẹ́jú 52, àwòrán kan ni láàárín nǹkan bí ìṣẹ́jú mẹ́jọ àti ààbọ̀. Nítorí náà, bí mo bá ti rìn tó bẹ́ẹ̀, mo máa wá ibi tí Bàbá ti dákẹ́ láti mí, mo gé ohùn níbẹ̀, mo sún gbogbo èyí tó kù sọ́wọ́ ọ̀tún ní àwòrán kan. Mo ṣe é lẹ́ẹ̀mẹfà. Àlàfo tíńtín tó ṣẹ́ kù, mo fi ariwo agbo ilé náà dí i, kí etí má baà gbọ́ òfìfo.

Ìwọ ní tìrẹ, fóònù lo fi ya fídíò, nítorí náà nǹkan kan wà tí o gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ ṣe. Fóònù kì í ya iye àwòrán kan náà ní gbogbo ìṣẹ́jú àáyá, pàápàá tí iná yàrá bá ń ṣe bàìbàì, èyí sì máa ń da àwọn àpù mìíràn lójú rú. Gbé fáìlì rẹ̀ gba inú HandBrake, àpù tó ń tún fídíò kọ, yan "Constant Framerate" kí iye àwòrán lè dúró sójú kan, kí o tún gbé ohùn lé e. Ó ṣeé ṣe kí èyí nìkan tán gbogbo rẹ̀.

Tí kò bá tán an, o nílò àtẹ́wọ́ ìparí, o ò sì pa á. Mo bá ọ wá ọ̀kan. Lẹ́yìn "Àmín" tó kẹ́yìn, ẹ̀gbọ́n rẹ gbé ife tíì kalẹ̀ sórí tábìlì, ìdí ife náà hàn, ó sì dún "kò" nínú rẹ́kọ́dà. Wá àwòrán tí ife ti kan tábìlì, wá ẹ̀gún rẹ̀ nínú ìgbì ohùn, kí o ka iye àwòrán tó wà láàárín wọn. Kọ iye yẹn ránṣẹ́ sí mi, màá bá ọ ṣírò ibi tí o ti máa gé e.

Bá mi dọ̀bálẹ̀ kí Màmá. Sọ fún wọn pé mo gbọ́ ibi tí wọ́n ti dárúkọ mi nínú àdúrà, mo sì ṣe àmín.

Èmi ni ọ̀rẹ́ rẹ,
Àjàní