Orin tí Bàbá Òkè-Àdó ń béèrè

Ìbàdàn

Ọ̀rẹ́ mi ọ̀wọ́n,

Mo kí ọ, mo kí ìyàwó rẹ àti àwọn ọmọ. Àlàáfíà ni gbogbo wa wà níhìn-ín: àbúrò mi obìnrin ti bí ọkùnrin làǹtilanti, òrùlé ilé wa kò jò mọ́, epo bẹntiróòlù sì ṣì wọ́n bí ojú. Ọ̀rọ̀ Bàbá Òkè-Àdó gan-an ni mo tìtorí rẹ̀ mú kálàmù, nítorí ó ti pẹ́ tí ó ti wà lọ́kàn mi, n kò sì rí ẹni tí mo lè rò ó fún bí kò ṣe ìwọ.

Láti ìgbà tí Màmá, ìyàwó wọn, ti papòdà ni ẹnu Bàbá ti wọlẹ̀. Ìwọ náà mọ ohun tí ó túmọ̀ sí pé kí ilé yẹn dákẹ́. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan ni wọ́n kàn yíjú sí mi, tí wọ́n ní, “Ìwọ, ṣé o lè bá mi wá orin tí a ń jó nígbà tí mo wà ní ọ̀dọ́? Kì í ṣe ti àwọn ọmọdé o.” Kí n tó ṣe ohunkóhun, àwọn ọmọ wọn ti ra fúláàṣì kan tí ó kún fún orin Ebenezer Obey àti Sunny Adé, wọ́n sì tàn án fún wọn. Bàbá tẹ́tí díẹ̀, wọ́n ní kí wọ́n gbé e kúrò, pé kì í ṣe èyí ni àwọn ń wí. Ibẹ̀ ni àwọn ọmọ ti bẹ̀rẹ̀ sí í sọ láàárín ara wọn pé iyè Bàbá ti ń ra, pé wọn kò mọ ohun tí wọ́n ń fẹ́ mọ́. Ọ̀rọ̀ náà dùn mí dé egungun. Mo jókòó ti Bàbá ní ọ̀pọ̀ ìrọ̀lẹ́ lẹ́yìn náà, mo sì fẹ́ kí o gbọ́ ọ láti ẹnu mi pé kò sí ohun tí ó ṣe iyè wọn níbi ọ̀rọ̀ orin.

Wo bí mo ṣe rò ó. Ọdún 1940 ni wọ́n bí Bàbá. Orin tí ó máa ń dúró sí ara ènìyàn jù ni èyí tí ó gbọ́ láti ìgbà tí irùngbọ̀n ṣẹ̀ṣẹ̀ ń yọ títí di ìgbà tí ó di onílé, èyí tí ó jẹ́ pé fún Bàbá, láti nǹkan bí 1955 títí dé 1965 ni. Ọdún 1964 ni Obey ṣẹ̀ṣẹ̀ dá ẹgbẹ́ International Brothers sílẹ̀, 1967 sì ni Sunny dá Green Spots tirẹ̀ sílẹ̀, nígbà tí Bàbá ti ní ìyàwó àti ọmọ nílé. Orin àwọn ọdún 1970 ni ó sì pọ̀ jù nínú fúláàṣì náà, nígbà tí àwo ńlá ti dé, tí orin kan lè gba gbogbo ojú àwo, kí ó tó nǹkan bí ogún ìṣẹ́jú kí ó tó parí. Orin tí Bàbá mọ̀ ní ọ̀dọ́ kò rí bẹ́ẹ̀ rárá. Àwo ìgbà náà kò lè gbà ju nǹkan bí ìṣẹ́jú mẹ́ta lọ ní ojú kan, nítorí náà olórin gbọ́dọ̀ wọlé, kí ó kọ orin rẹ̀, kí fèrè dá a lóhùn, kí ó sì jáde. Nígbà tí Bàbá sọ pé orin inú fúláàṣì “kò mọ ìgbà tí ó yẹ kí ó dákẹ́”, òótọ́ ni wọ́n ń sọ nípa bí a ṣe ṣe é, kì í ṣe ọ̀rọ̀ arúgbó lásán.

Ìdánwò kejì ni ti Victor Ọláìyá. Bàbá ní kí n wá “Baby Jowo” fún àwọn, mo sì tẹ orúkọ náà sínú fóònù. Èyí tí ó kọ́kọ́ jáde ni èyí tí Ọláìyá àti 2Face jọ tún kọ ní 2013. Kí 2Face tó la ẹnu ni Bàbá ti ní, “Ohùn Ọláìyá ni, ṣùgbọ́n ó ti dàgbà níbí yìí.” Ọ̀rẹ́ mi, ẹni tí iyè rẹ̀ ń ra ha lè sọ bẹ́ẹ̀? Ẹni tí ó bá ń wá orin fún àgbàlagbà gbọ́dọ̀ máa wo èyí dáadáa, nítorí ọ̀pọ̀ àwọn olórin wọ̀nyẹn ni wọ́n padà tún orin wọn kọ nígbà tí wọ́n dàgbà, orúkọ kan náà ni wọ́n sì fi sí i. Bí o bá gbọ́ tí ohùn mọ́ tónítóní, tí ìlù jìnnà sí fèrè, tí orin sì gùn ju ìṣẹ́jú mẹ́rin lọ, kì í sábà jẹ́ ti àkọ́kọ́.

Ìrọ̀lẹ́ tí ó dùn mọ́ mi jù ni èyí tí Bàbá kò rántí orúkọ orin, tí wọn kò sì rántí ẹni tí ó kọ ọ́. Wọ́n kàn ń fi ìka lu apá àga, wọ́n ní, “Háíláìfù ni, ṣùgbọ́n gángan wà nínú rẹ̀, gángan náà ń sọ̀rọ̀, fèrè ń dá a lóhùn.” Ọ̀rọ̀ yẹn ti tó. Fèrè, gìtá àti ìlù òyìnbó ni a mọ̀ mọ́ ẹgbẹ́ háíláìfù ìgbà náà, bí ti Bobby Benson àti ti E. T. Mensah tí ó máa ń ti Gánà wá. Roy Chicago àti ẹgbẹ́ rẹ̀, Rhythm Dandies, ni gbogbo ayé mọ̀ mọ́ fífi gángan sọ̀rọ̀ nínú háíláìfù. Mo wá “Iyawo Pankeke” jáde. Bàbá kò sọ̀rọ̀, wọ́n kàn gbé orí sókè, ìka wọn sì bá gángan náà rìn láti ìbẹ̀rẹ̀ títí dé òpin láìṣì í lù. Lẹ́yìn náà ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í sọ ìtàn, wọ́n sì sọ ọ́ títí ilẹ̀ fi ṣú. Wọ́n dárúkọ ẹni tí ó kọ́ wọn ní ijó, wọ́n sọ irú ṣòkòtò tí wọ́n wọ̀, wọ́n sọ ibi tí Màmá dúró sí.

Bí mo ṣe ń ṣe ti jùjú náà nìyẹn. Bí Bàbá bá ní ohùn tín-ín-rín tí ó ń lọ sókè bí ti ẹyẹ, mo mọ̀ pé Túndé Nightingale ni. Bí wọ́n bá sì dárúkọ àkọ́díọ̀nù, I. K. Dáírò ni, nítorí òun ni ó mú un wọ inú jùjú. Ẹgbẹ́ Morning Star tí Dáírò dá sílẹ̀ ní 1957, tí ó padà di Blue Spots, ni Bàbá fẹ́ràn jù, wọ́n sì tún rántí ọdún tí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì fi oyè MBE dá a lọ́lá, ìyẹn 1963, láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni rán wọn létí.

Ohun kan wà tí ó dà mí láàmú níbẹ̀. Bàbá a máa ní orin náà “kò ní ìdí”, bẹ́ẹ̀ sì ni mo ti gbé ohùn fóònù dé òkè pátápátá. Ìgbà tí mo rò ó ni ó yé mi. Sípíkà fóònù kéré, kò lè gbé ohùn ìsàlẹ̀ jáde, nítorí náà gìtá ńlá àti ìlù ńlá kò sí níbẹ̀ rárá. Ohùn tín-ín-rín ti òkè ni ó ṣẹ́kù, òun gan-an sì ni etí àgbàlagbà kọ́kọ́ máa ń pàdánù. Ohun tí fóònù lè fún wọn ni etí wọn kò lè gbà, ohun tí etí wọn lè gbà ni fóònù kò ní. Mo gbé sípíkà onípákó tí ó wà ní yàrá mi wá, mo gbé e sórí tábìlì ní ìwọ̀n etí wọn, kò jìnnà sí wọn ju bí ọwọ́ ṣe lè nà dé lọ. Mo wá dín ohùn kù. Bàbá ní, “Hẹn-ẹn, ìdí rẹ̀ ti dé.”

Nísinsìnyí, ẹ̀bẹ̀ mi rèé. Àpótí àwo Bàbá ṣì wà lábẹ́ ibùsùn. Àwo kékeré wà nínú rẹ̀, ṣùgbọ́n èyí tí ó pọ̀ níbẹ̀ ni àwọn àwo dúdú wíwúwo ti àtijọ́, tí ń yí ní ìgbà 78 láàárín ìṣẹ́jú kan. Ṣẹ́láàkì ni wọ́n fi ṣe wọ́n, wọ́n sì máa ń fọ́ bí àwo oúnjẹ tí ó bá já bọ́. Ọ̀kan nínú àwọn ọmọ ti gbé sípírítì wá láti fi nù wọ́n, mo sì yára gbà á lọ́wọ́ rẹ̀, nítorí sípírítì máa ń yọ́ ṣẹ́láàkì, ojú orin á sì bàjẹ́ lẹ́ẹ̀kan náà. Omi tútù tí a kán ọṣẹ díẹ̀ sí ni mo fi ń nù wọ́n pẹ̀lú aṣọ múlọ́múlọ́, láìjẹ́ kí omi kan bébà àárín rẹ̀, mo sì ń gbé wọn dúró kí wọ́n gbẹ.

Mo rí ẹ̀rọ àlòkù kan rà ní Dùgbẹ̀ tí ó ní 33, 45 àti 78, ó sì ń yí dáadáa. Abẹ́rẹ́ rẹ̀ ni kò bá a mu. Ìlà tí orin wà nínú àwo 78 fẹ̀ tó ìlọ́po mẹ́ta ti àwo ìgbà ìkẹyìn, nítorí náà abẹ́rẹ́ tín-ín-rín máa ń rì sí ìsàlẹ̀ ìlà náà, níbi tí ẹ̀gbin wà, ariwo bí ti epo tí ń dín àkàrà ni a sì ń gbọ́ dípò orin. Mo bẹ̀ ọ́, bá mi wá abẹ́rẹ́ tí wọ́n ṣe fún 78 ní Lọ́ńdọ̀nù. Béèrè fún èyí tí ẹnu rẹ̀ jẹ́ 3 mil. Má tíì rà á títí n ó fi fi àwòrán orí tí abẹ́rẹ́ náà ń wọ̀ ránṣẹ́ sí ọ lórí fóònù, nítorí ti ẹ̀rọ kan kì í sábà wọ òmíràn.

Bí o bá sì kan sídì àlòkù kan tí ń jẹ́ “Juju Master”, ti I. K. Dáírò, bá mi rà á pẹ̀lú, nítorí orin tí ó gbà sílẹ̀ fún Decca nígbà náà ni wọ́n kó sínú rẹ̀. Má ṣe jẹ́ kí wọ́n ta “Ashiko” fún ọ dípò rẹ̀: orin rẹ̀ náà ni, ó sì dára, ṣùgbọ́n àwọn ọdún 1990 ni ó jáde, Bàbá yóò sì mọ̀.

Fi wọ́n rán ẹni tí ó bá ń bọ̀ ní Oṣù Kejìlá, kí ó gbé abẹ́rẹ́ náà sínú báàgì ọwọ́. Bí o bá fẹ́ pe Bàbá lórí fóònù, ìrọ̀lẹ́ ni kí o pè, kí o sì béèrè Roy Chicago lọ́wọ́ wọn. Owó tí o bá ná, jẹ́ kí n mọ̀, n ó san án fún Màmá rẹ níhìn-ín.

Èmi ni ọ̀rẹ́ rẹ tòótọ́.