Lẹ́tà sí Àbẹ̀kẹ́ lórí iṣẹ́ Ọ̀tà

Ìbàdàn,
Ọjọ́ 25, oṣù Kẹrin, 2026.

Àbẹ̀kẹ́ ọ̀rẹ́ mi,

Báwo ni Kàdúná? Àwọn ọmọ ńkọ́? Màmá mi ní kí n kí ẹ, wọ́n ṣì ń bi mí nípa ẹ ní gbogbo ìgbà tí mo bá délé.

Mo rí àwọn ímeèlì mẹ́sẹ̀ẹ̀sán tí ìwọ àti àwọn ará ilé iṣẹ́ Ọ̀tà kọ síra yín, tí o fi ránṣẹ́ sí mi. Inú mi dùn púpọ̀ pé wọ́n pè ẹ́ síṣẹ́ náà, torí mo mọ bí o ṣe ti ń wá ọ̀nà àtipadà sí ìhà ibí tó. Mo lè pè ẹ́ lórí fóònù, àmọ́ ohun tí mo rí níbẹ̀ kọjá ohun tí èèyàn ń fi ẹnu sọ kíá. Mo fẹ́ kó wà níwájú rẹ nígbà tí o bá ń fún wọn lésì.

Láti ìsàlẹ̀ ni mo ti kà á wá sókè, torí ìsàlẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ti bẹ̀rẹ̀. Àmì kékeré mẹ́ta kan tó tò tẹ̀ léra wà ní ìparí àwọn ímeèlì kan, mo ń tẹ̀ ẹ́ kí èyí tó fara pa mọ́ lè jáde. Ohun tí mo bá rí tí wọ́n ṣèlérí, mo máa ń wo ẹni tó sọ ọ́, mo máa ń wò ó bóyá ó ní iye tàbí ọjọ́, lẹ́yìn náà mo lọ wá a nínú ìwé ìgbàsíṣẹ́ tí wọ́n so mọ́ ímeèlì tó kẹ́yìn. Ọdún kọkànlá rèé tí mo ti ń ṣe ìṣirò owó oṣù fáwọn ẹlòmíì, ibi tí ìjà ti máa ń bẹ̀rẹ̀ nìyẹn: ohun tí èèyàn kà nínú ímeèlì, tí kò sí nínú ìwé.

Jẹ́ ká mú ọ̀rọ̀ owó, torí òun ló gba ojú mi jù. Ní ọjọ́ 7 oṣù Kẹrin, obìnrin tó ń bá wọn wá òṣìṣẹ́ kọ̀wé sí ẹ pé owó oṣù iṣẹ́ náà jẹ́ 350,000 náírà. Owó oṣù ló pè é, kò sọ ju bẹ́ẹ̀ lọ. Nígbà tí ọ̀rọ̀ dé ọ̀dọ̀ àwọn tó ń bójú tó òṣìṣẹ́ ní ilé iṣẹ́ náà gan-an, wọn ò dárúkọ owó oṣù mọ́. Nínú ìwé tó dé lánàá, 4,200,000 náírà lọ́dún ni wọ́n kọ. Mo mọ̀ pé o ti fi méjìlá pín in, o sì rí 350,000, ọkàn rẹ sì balẹ̀. Àmọ́ padà lọ ka gbólóhùn yẹn. Wọ́n ní 4,200,000 náà ni àpapọ̀ gbogbo ohun tí wọn yóò máa ná lé ẹ lórí lọ́dún, tó fi mọ́ owó oṣù kẹtàlá àti ìpín ti ilé iṣẹ́ nínú owó ìfẹ̀yìntì rẹ. Iye náà ò yí padà, ohun tó wà nínú rẹ̀ ló yí padà.

Mo jókòó ṣírò rẹ̀ lọ́nà méjèèjì. Bí 350,000 bá jẹ́ owó oṣù rẹ lóòótọ́, tí wọ́n sì ṣírò owó ìfẹ̀yìntì lórí gbogbo rẹ̀, ìpín tìrẹ jẹ́ ìdá 8 nínú 100, ìyẹn 28,000 lóṣù. Owó orí ló kàn, lórí ohun tó kù lẹ́yìn ìpín owó ìfẹ̀yìntì yẹn. Lábẹ́ òfin tuntun tó bẹ̀rẹ̀ ní oṣù Kínní ọdún yìí, wọn ò ní gba nǹkan kan lórí 800,000 àkọ́kọ́ tí o bá rí lọ́dún. Lórí 2,200,000 tó tẹ̀ lé e, ìdá 15 nínú 100 ni. Lórí èyí tó bá kù nínú tìrẹ, ìdá 18. Ó ń lọ sí bíi 40,500 lóṣù. Ohun tó máa wọ àpò rẹ yóò jẹ́ nǹkan bí 281,500.

Wàyí o, ká kà á bí ìwé náà ṣe kọ ọ́. Nínú 4,200,000 yẹn ni owó oṣù méjìlá yóò ti jáde, òun náà ni owó oṣù kẹtàlá yóò ti jáde, òun náà sì ni ìdá 10 nínú 100 tí òfin ìfẹ̀yìntì ti ọdún 2014 ní kí ilé iṣẹ́ máa dá fún ẹ yóò ti jáde. Owó oṣù rẹ di nǹkan bí 295,800. Bí wọ́n bá yọ ìpín tìrẹ àti owó orí gbogbo ọdún, tó fi mọ́ ti oṣù kẹtàlá, tí wọ́n pín sí oṣù méjìlá, nǹkan bí 236,000 ló máa dé ọwọ́ rẹ. Àbẹ̀kẹ́, nǹkan bí 45,500 náírà ló fi dín lóṣù kan. Lóòótọ́ oṣù kẹtàlá yóò dé ní ìparí ọdún, bí wọ́n bá san án, ṣùgbọ́n owó ilé ìwé ọmọ kì í dúró de oṣù Kejìlá.

Mi ò sọ pé wọ́n fẹ́ rẹ́ ẹ jẹ o. Ọ̀pọ̀ ilé iṣẹ́ ló ń kọ ọ́ báyìí, kò sì lòdì sófin. Ó ṣeé ṣe kí obìnrin àkọ́kọ́ yẹn fúnra rẹ̀ má mọ̀, kó jẹ́ pé òun náà fi méjìlá pín in ni. Ìdí nìyẹn tí o fi gbọ́dọ̀ béèrè bí wọ́n ṣe pín owó náà, ní ẹyọ ẹyọ: iye tó jẹ́ owó oṣù gan-an, iye tó jẹ́ owó ilé, iye tó jẹ́ owó ọkọ̀. Mẹ́ta yìí ló kéré jù tí òfin ní kí wọ́n fi ṣírò owó ìfẹ̀yìntì, nítorí náà bí wọ́n bá kó èyí tó pọ̀ sábẹ́ orúkọ míì, bíi owó oúnjẹ tàbí owó aṣọ, ohun tí wọ́n ń fi pa mọ́ fún ẹ yóò kéré sí i.

Ohun kejì tí mo rí kò sí nínú ohun tí wọ́n kọ rárá. Inú ohun tí wọn ò dáhùn ló wà. Ní ọjọ́ 13, o béèrè ìbéèrè mẹ́ta. Mo yin ẹ́ fún un, wọ́n ṣe kedere. O ní ṣé 350,000 náà gan-an ló máa dé ọwọ́ rẹ, o ní èló ni wọ́n máa fi ràn ẹ́ lọ́wọ́ láti kó ẹrù wá láti Kàdúná, o sì ní ṣé iṣẹ́ Sátidé wà. Ní ọjọ́ 15 wọ́n dá ẹ lóhùn pẹ̀lú ọ̀yàyà, ímeèlì gígùn, wọ́n ní owó tí wọ́n ń san dára láàárín ẹgbẹ́ wọn, wọ́n ní wọ́n á máa retí ẹ. Lórí Sátidé, wọ́n ní ìgbà tí iṣẹ́ bá pọ̀ ni. Lórí ẹrù, wọn ò sọ nǹkan kan. Ìwọ náà kọ ọ́ padà pé o dúpẹ́. Ọ̀rẹ́ mi, ọ̀yàyà yẹn ló gba ìdáhùn lọ́wọ́ rẹ. Mo tẹ gbogbo rẹ̀ sórí ìwé, mo gbé ìbéèrè rẹ sí apá kan, mo gbé èsì wọn sí apá kejì, ibẹ̀ ni mo ti rí i pé nínú mẹ́ta, kò sí ọ̀kan tó gba iye tàbí ọjọ́.

Ọ̀gá ilé ìkẹ́rùsí ló kọ́kọ́ dárúkọ owó ẹrù náà, ní ọjọ́ 9. Ó ní wọn yóò ràn ẹ́ lọ́wọ́. Wo àyè `Cc` nínú àwọn ímeèlì tó tẹ̀ lé e: láti ọjọ́ 15, orúkọ ọ̀gá yẹn ò sí níbẹ̀ mọ́. Àwọn tó kọ ìwé ìgbàsíṣẹ́ lè má tíì rí ìlérí náà rí. Ó dùn mí nítorí ó ṣẹlẹ̀ sí mi ní ibi iṣẹ́ mi àkọ́kọ́. Ọ̀gá kan ṣèlérí ilé fún mi nínú ímeèlì, ó sì fi ibẹ̀ sílẹ̀ ní ọ̀sẹ̀ tí mo wọlé. Nígbà tí mo gbé ímeèlì náà lọ, wọ́n ṣí ìwé tí mo fọwọ́ sí, wọ́n fi ìka tọ́ ìlà kan hàn mí. Oṣù mẹ́rin ni mo fi ń sùn lọ́dọ̀ àbúrò màmá mi, o rántí.

Ìlà kan náà wà nínú tìrẹ, ojú ìwé kẹta, sókè díẹ̀ sí ibi tí o ti máa fọwọ́ sí i. Ó ní ìwé yìí ló rọ́pò gbogbo ọ̀rọ̀, ìjíròrò àti ìwé tó ti wà láàárín ẹ̀yin méjèèjì ṣáájú. Ìyẹn ni pé bí o bá ti fọwọ́ sí i, yóò nira fún ẹ gan-an láti fa ímeèlì mẹ́jọ tó ṣáájú yọ pé wọ́n ṣèlérí. Ìpè fóònù ọjọ́ 17 tí wọ́n ní "gẹ́gẹ́ bí a ṣe sọ ọ́" ńkọ́? Kò sí ẹlòmíì tó gbọ́ ọ. Kí ni wọ́n sọ? Kọ ọ́ sílẹ̀ lónìí, kí o tó gbàgbé.

Ọ̀rọ̀ oṣù mẹ́fà ìdánwò, mi ò ní pẹ́ lórí rẹ̀. Ó wọ́pọ̀. Ṣùgbọ́n wọ́n ní lẹ́yìn ìdánwò ni wọ́n á "wo" ìfìdímúlẹ̀ rẹ, ẹni tí wọ́n bá sì ti fìdí rẹ̀ múlẹ̀ ni oṣù kẹtàlá wà fún. Bí o bá bẹ̀rẹ̀ ní ọjọ́ 1 oṣù Kẹfà, oṣù mẹ́fà yóò pé ní ìparí oṣù Kọkànlá. Bí wọ́n bá fi í falẹ̀ díẹ̀, oṣù Kejìlá á bá ẹ lẹ́nu ìdánwò. Nígbà náà, owó tí wọ́n ti kà mọ́ 4,200,000 rẹ kò ní dé ọwọ́ rẹ lọ́dún yìí.

Ohun tí màá ṣe tí mo bá jẹ́ ìwọ nìyí. Ọjọ́ Túsìdé, ọjọ́ 28, ni wọ́n ní kí èsì dé. Ní àárọ̀ Mọ́ńdè, kọ ímeèlì kan ṣoṣo, kúkúrú, tìrẹ̀lẹ̀tìrẹ̀lẹ̀, kí o sì dá orúkọ ọ̀gá ilé ìkẹ́rùsí padà sínú `Cc`. Dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn, sọ pé o fẹ́ iṣẹ́ náà. Lẹ́yìn náà, má ṣe bi wọ́n ní ìbéèrè gbọọrọ tí wọ́n lè fi ọ̀yàyà dáhùn. Kọ ohun tí o gbọ́ yé fún wọn, kí wọ́n sọ pé bẹ́ẹ̀ ni tàbí bẹ́ẹ̀ kọ́. Bíi báyìí: "Ohun tó yé mi ni pé 350,000 náírà ni owó oṣù mi kí ẹ tó yọ ohunkóhun, pé oṣù kẹtàlá àti ìpín yín nínú owó ìfẹ̀yìntì kò sí nínú rẹ̀. Bí kò bá rí bẹ́ẹ̀, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi kọ iye tó jẹ́." Lórí ẹrù, dá iye kan lé e fúnra rẹ. Lọ béèrè lọ́wọ́ àwọn onímọ́tò lónìí iye tí wọ́n ń gbà láti Kàdúná sí Ọ̀tà, fi iye náà sínú ímeèlì, béèrè bóyá wọ́n á san án àti ìgbà wo. Lórí Sátidé, béèrè mélòó ló wà lóṣù kan àti bóyá owó wà fún un. Parí rẹ̀ pẹ̀lú pé kí wọ́n jọ̀ọ́ fi àwọn ìdáhùn náà sínú ìwé ìgbàsíṣẹ́, kí wọ́n tún un fi ránṣẹ́. Bí wọ́n bá sọ pé kò sí àyè fún ìyẹn, ó kéré tán kí wọ́n dáhùn nínú ímeèlì kí o tó fọwọ́ sí i, kí o sì mọ̀ pé ìyẹn ò lágbára tó èyí tó wà nínú ìwé.

Tọ́jú ìwé ìgbàsíṣẹ́ náà lọ́tọ̀ o. Nígbà tí èèyàn bá ń fèsì ímeèlì, ohun tí wọ́n so mọ́ ọn kì í tẹ̀ lé e. Èyí tó dé lánàá, fi ọjọ́ tó dé sọ ọ́ lórúkọ, kí èyí tí wọ́n bá tún ṣe má dà pọ̀ mọ́ ọn.

Bí ó bá wá jẹ́ pé 236,000 ni lóòótọ́, ìwọ àti ọkọ rẹ lẹ máa jókòó wò ó. Ilé Ọ̀tà dínwó ju ti Ìkẹjà lọ, owó ilé tí o bá sì san, òfin owó orí yìí fàyè gbà kí wọ́n yọ ìdá 20 nínú 100 rẹ̀ kúrò nínú owó tí wọ́n máa gba owó orí lé, àmọ́ ohun tí wọ́n máa yọ kò ní ju 500,000 lọ, nítorí náà máa tọ́jú rìsíìtì. Ó lè tó yín gbé. Mo kàn fẹ́ kó jẹ́ pé o mọ iye náà kí o tó kó ẹrù.

Fi ímeèlì náà ránṣẹ́ sí mi lálẹ́ Sọ́ńdè, kí n bá ẹ kà á lẹ́ẹ̀kan kí o tó tẹ̀ ẹ́.

Èmi ọ̀rẹ́ rẹ,
Àyọ̀ká