Lẹ́tà sí Túndé: fọ́tò ojú-ìwé orin tí kò ní ọ̀rọ̀ kankan

Ìbàdàn

Túndé, ọ̀rẹ́ mi àtàtà,

Mo rí lẹ́tà rẹ gbà, mo sì rí fọ́tò tí o fi sí i. Inú mi dùn pé ara gbogbo ilé le, àti pé òtútù Manchester kò tíì lé ọ kúrò nídìí dùùrù. Ìbéèrè rẹ ni mo fẹ́ fi gbogbo lẹ́tà yìí dáhùn. O ní Màmá tí ẹ jọ wà nínú ìjọ, tí wọ́n ń kọ́ dùùrù lọ́dọ̀ rẹ, ya ojú-ìwé orin kan ní fọ́tò, wọ́n fi ránṣẹ́ sí ọ, wọn kò sì kọ ohunkóhun tẹ̀ lé e. Ìwọ gbà pé àlàyé tíọ́rì ni wọ́n ń fẹ́, o sì ti kọ ojú-ìwé méjì lórí kọ́ọ̀dù kí o tó rántí láti bi mí. Jọ̀wọ́, má tíì fi í ránṣẹ́.

Orin náà kò ṣòro láti mọ̀. Prẹ́lúùdù àkọ́kọ́ ni, èyí tó wà ní C méjọ̀, nínú ìwé prẹ́lúùdù àti fúùgù tí Bach parí apá kìíní rẹ̀ ní 1722. Báà 35 ni ó ní, bí o ti mọ̀, bátànì kan ṣoṣo ni ó sì ń lò títí dé báà 32: nóòtì márùn-ún ń gun òkè, ọwọ́ òsì mú méjì, ọwọ́ ọ̀tún mú mẹ́ta, mẹ́ta ti òkè tún padà wá lẹ́ẹ̀kan sí i, a ó sì tún gbogbo rẹ̀ ṣe kí báà tó parí. Nítorí náà, ẹni tó bá ti mọ báà kìíní dáadáa ti mọ ohun tí ọwọ́ rẹ̀ yóò máa ṣe. Ohun tó kù ni ibi tí àwọn ìka yóò sún lọ láti báà kan sí èkejì, ibẹ̀ gan-an ni Màmá sì wà. Báà 21 sí 24 ni wọ́n fi sí àárín fọ́tò, wọ́n sì fi pẹ́ńsùlù yí báà 23 po.

Ohun tí wọ́n fi pẹ́ńsùlù kọ ni mo kọ́kọ́ wò, kí n tó wo ohun tí wọ́n tẹ̀ sínú ìwé. Ẹni tó ń wá tíọ́rì sábà máa ń kọ orúkọ kọ́ọ̀dù sókè, tàbí kí ó fi àmì ìbéèrè sí ẹ̀gbẹ́ ṣáàpù àti fúláàtì. Kò sí ọ̀kankan nínú wọn lójú ìwé yìí. Nọ́ńbà ìka ni ó wà níbẹ̀, gbogbo rẹ̀ lábẹ́ ọwọ́ òsì: 5 wà lábẹ́ F ṣáàpù ní báà 22, òmíràn wà lábẹ́ A fúláàtì ní báà 23, ẹ̀kẹta wà lábẹ́ G ní báà 24. Wo ti àárín yẹn dáadáa, wàá rí i pé wọ́n ti pa nǹkan kan rẹ́ níbẹ̀ kí wọ́n tó tún kọ 5 náà. Ìka ọmọ-ńdinrín kan náà ni ó ń fò láti ibì kan dé èkejì lẹ́ẹ̀mẹta léraléra, nígbà tí àwọn ìka tó kù kò ṣe nǹkan kan. Bí ẹnikẹ́ni bá ta á bẹ́ẹ̀, àfi kí ó dúró díẹ̀ kí ó tó bọ́ sí báà 23, kódà bí ó bá mọ orúkọ gbogbo kọ́ọ̀dù tó wà lórí ilẹ̀ ayé.

Ìdí nìyẹn tí mo fi rò pé ìdánrawò ni ó yẹ kí ó ṣáájú. Jẹ́ kí ọwọ́ òsì mú F ṣáàpù àti C pẹ̀lú ìka 5 àti 2 ní báà 22, kí ó mú A fúláàtì àti F pẹ̀lú 4 àti 1 ní báà 23, kí ó sì mú G àti F pẹ̀lú 5 àti 1 ní báà 24. Nígbà tí ìka 2 bá wà lórí C, àtàǹpàkò ti bọ́ lómìnira, ó sì lè máa lọ sí F kí báà tó yí. Ní ọwọ́ ọ̀tún, báà 22 jẹ́ A, C àti E fúláàtì, báà 23 sì jẹ́ B, C àti D. C kò kúrò níbi tó wà. Àtàǹpàkò ń gòkè láti A sí B, nóòtì òkè sì ń sọ̀kalẹ̀ láti E fúláàtì sí D, bí ìgbà tí ènìyàn méjì bá sún mọ́ ẹni tó jókòó sáàárín wọn. Ìka 1, 2 àti 4 ni mo máa ń lò ní báà 22, lẹ́yìn náà 1, 2 àti 3.

Bí mo ṣe máa ń jẹ́ kí àwọn ọmọ ẹ̀kọ́ ṣe é kò díjú. Kí wọ́n má ta nóòtì náà ní tẹ̀léǹtẹ̀lé rárá ní àkọ́kọ́. Kí wọ́n tẹ màrààrún pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, kọ́ọ̀dù kan fún báà kan, láti 21 dé 24. Kí wọ́n gbé mẹ́tírónóòmù sí 60, kí wọ́n fi kọ́ọ̀dù náà sílẹ̀ fún ìlù mẹ́rin, kí wọ́n sì máa fi ojú wá ibi tí ìka ń lọ nígbà tí ìlù kẹta ń lù. Bí ìyípadà náà bá ti wọlé ní àkókò láìsí ìdúró, kí wọ́n ya ọwọ́ méjèèjì sọ́tọ̀: méjì ti òsì lápapọ̀, lẹ́yìn náà mẹ́ta ti ọ̀tún lápapọ̀. Ẹ̀yìn ìyẹn ni kí wọ́n tó padà sí bí Bach ṣe kọ ọ́, kí wọ́n sì máa dúró lórí nóòtì àkọ́kọ́ báà tó tẹ̀ lé e, kì í ṣe ní òpin báà. Àwọn tó ń dúró ní òpin báà ń dá ara wọn lẹ́kọ̀ọ́ láti dúró níbẹ̀ ni, mo sì rí i pé ó máa ń pẹ́ kí ó tó kúrò lára.

Ṣùgbọ́n n kò sọ pé kí o ju tíọ́rì nù. Ohun kan wà ní báà 23 tí ìka nìkan kò lè yanjú. B, C àti D jókòó ti ara wọn pẹ́kípẹ́kí, tí ènìyàn bá sì tẹ wọ́n pọ̀ bí mo ti wí yìí, yóò dún bí ẹni ṣi nóòtì tẹ̀. Mo ti rí ẹni tó ka nóòtì yìí dáadáa, tí ó sì yí i padà fúnra rẹ̀ nítorí pé etí rẹ̀ kọ̀ ọ́. Bí Màmá bá ń ṣe bẹ́ẹ̀, gbólóhùn díẹ̀ yóò tó. B, D, F àti A fúláàtì ni kọ́ọ̀dù tòótọ́. C jẹ́ àlejò láti báà 22 tí kò tíì lọ sílé, báà 24 ni yóò sì ti lọ. Ìró líle yẹn tọ́, Bach mọ̀ọ́mọ̀ fi síbẹ̀ ni.

Èkejì ni ohùn ìsàlẹ̀. Màmá dàgbà nínú ẹgbẹ́ akọrin tó ń fi sóòfà kọrin, nítorí náà má ṣe lo nọ́ńbà Róòmù fún wọn. Jẹ́ kí wọ́n wo kíì wọn: F ṣáàpù àti A fúláàtì jẹ́ kíì dúdú méjì tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, G ni kíì funfun tó wà láàárín. G ni sóò. Ohùn ìsàlẹ̀ fọwọ́ kan ìhà ìsàlẹ̀ sóò, ó fò ó kọjá sí ìhà òkè, kí ó tó wá jókòó lé e lórí ní báà 24, kò sì dìde níbẹ̀ títí báà 31 fi parí, kí ó tó padà sí dò ní báà 32. Ẹni tó bá rí èyí pẹ̀lú ojú kì í gbàgbé ibi tí ọwọ́ òsì ń lọ. Ojú-ìwé méjì tí o kọ kò sọ ọ́ bẹ́ẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé gbogbo ohun tó wà níbẹ̀ ni ó tọ́.

Ohun kan tún wà tí kò jẹ́ kí n gbà pé mo ti mọ ìdáhùn tán. O kọ ọ́ sínú lẹ́tà rẹ pé Màmá fẹ́ràn Ave Maria ti Gounod. Orí prẹ́lúùdù yìí ni Gounod gbé orin tirẹ̀ lé, ó tẹ̀ ẹ́ jáde ní 1853, ọ̀rọ̀ Ave Maria sì wọ inú rẹ̀ ní 1859. Ṣùgbọ́n irú ìwé tí ó lò ní báà kan tí Bach kò kọ, tí wọ́n ń fi orúkọ Schwencke pè, tí ó wà láàárín báà 22 àti 23 gẹ́ẹ́, ohùn ìsàlẹ̀ rẹ̀ sì jẹ́ G. Ẹni tó fi í síbẹ̀ rò pé àlàfo wà láàárín F ṣáàpù àti A fúláàtì, ó sì dí i. Lójú tèmi, ó ba nǹkan jẹ́, nítorí pé ó jẹ́ kí etí gbọ́ sóò kí àsìkò rẹ̀ tó tó; síbẹ̀, ẹni tó bá ń ta dùùrù fún akọrin Ave Maria kò gbọdọ̀ yọ ọ́, torí dùùrù yóò fi báà kan ṣáájú akọrin náà. Báà náà kò sí nínú fọ́tò yìí. Bí Màmá bá ń ta á tẹ̀ lé Ave Maria tí wọ́n gbà sílẹ̀, etí wọn yóò máa retí báà tí ojú wọn kò rí, wọ́n á sì yí báà 23 po nítorí ìyẹn, láìjẹ́ pé ìka tàbí kọ́ọ̀dù ni ó fà á.

Nítorí náà, má ṣe bi wọ́n pé kí ni wọ́n ń fẹ́. Yóò dún bí àìbọ̀wọ̀ sí àgbàlagbà, kò sì dájú pé ẹni tó fi fọ́tò ránṣẹ́ láìsọ̀rọ̀ lè fi ọ̀rọ̀ sọ ọ́. Kọ ọ́ báyìí: “Ẹ káàárọ̀ o, Mà. Mo rí ojú-ìwé náà. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fi ìka 4 sí A fúláàtì ní báà tí ẹ yí po, kí 5 wà fún báà tó ṣáájú rẹ̀ àti èyí tó tẹ̀ lé e. Ẹ tẹ nóòtì báà kọ̀ọ̀kan pọ̀ díẹ̀díẹ̀ láti 21 dé 24. Bí ó bá dún bí ẹni pé ẹ ṣì í tẹ̀, ẹ ò ṣì í tẹ̀, bí ó ṣe wà nìyẹn. Ẹ bá mi fi fóònù gbà á sílẹ̀ bí ẹ ṣe ń ta á, báà mẹ́rin náà nìkan.”

Ohùn tí wọ́n bá fi ránṣẹ́ ni yóò fi èyí tó kù hàn ọ́. Bí ìdúró bá wà ṣáájú nóòtì àkọ́kọ́ ní báà 23, ọ̀rọ̀ ìka ni, má sì fi tíọ́rì kún un. Bí kò bá sí ìdúró, ṣùgbọ́n tí D yí padà di E fúláàtì, tàbí tí wọ́n ta báà náà lẹ́ẹ̀mejì, etí ni, kí o sì sọ ọ̀rọ̀ àlejò yẹn fún wọn. Bí o bá gbọ́ G níbi tí A fúláàtì yẹ kó wà, béèrè lọ́wọ́ wọn bóyá akọrin kan wà tí wọ́n fẹ́ ta á fún. Tí ó bá rí bẹ́ẹ̀, kọ̀wé sí mi kíá. Mo ní ẹ̀dà tí báà ti Schwencke wà nínú rẹ̀, mo lè ya ojú-ìwé náà ní fọ́tò fún ọ. Èmi yóò kọ ọ̀rọ̀ tèmi sí i.

Bá mi kí ìyàwó àti àwọn ọmọ.

Èmi ni tìrẹ,
Àkànní